Yáàdì méjì ṣáájú yáàdì 300: bí a ṣe ń béèrè àpẹẹrẹ àdìrẹ fún aṣọ ẹbí, àti ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ jáde

Ká ní ìgbéyàwó bọ́ sí Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2026. Ẹbí ti fẹnu kò sí àdìrẹ alábẹ́là, búlúù tó dú dáadáa. Èèyàn 58 ló ti kọ orúkọ sílẹ̀, yáàdì márùn-ún ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìdì méjì kún un nítorí àwọn tí kì í rántí títí ọjọ́ fi ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ó di ìdì 60, yáàdì 300. Ẹ ti rí aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wù yín. Kí ló yẹ kó wà lọ́wọ́ yín kí owó yáàdì 300 tó kúrò lọ́wọ́ yín?

Fọ́tò Wásáàpù kọ́. Fóònù máa ń yí búlúù padà, ti ẹni tó yà á àti ti ẹni tó ń wò ó kì í sì í bára mu. Aṣọ tó gbé kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọ́, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n rẹ ẹ́, irú aṣọ funfun tí wọ́n fi ṣe é, tàbí ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Ohun tí ẹ nílò ni àpẹẹrẹ tí wọ́n ṣe nítorí tiyín, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní sáńpù. Ẹ sì gbọ́dọ̀ ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa sọ bóyá ẹ gbà á tàbí ẹ ò gbà á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò dá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí àpẹẹrẹ ṣe ń tanni jẹ, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ pé aláró fẹ́ rẹ́ni jẹ. Bí ẹ bá ní kí ìyá aláró bá yín rẹ yáàdì méjì, òun fúnra rẹ̀ ló máa jókòó tì í. Á po aró tuntun sínú bàsíà, á rì í, á yọ ọ́, á fi afẹ́fẹ́ sí i, á tún un rì. Nígbà tó bá di yáàdì 300, àwọn ọmọṣẹ́ ló máa wà nídìí dírọ́ọ̀mù. Aró tó mú ìdì mẹ́wàá àkọ́kọ́ lè ti rẹ̀ nígbà tó bá kan ìdì kọkànlá, bí wọn ò bá sì pò ó tuntun, búlúù ìdì yẹn á fúyẹ́. Aṣọ funfun náà lè yí padà: tẹ́ẹ́rú tó nípọn ni wọ́n fi ṣe ti àpẹẹrẹ, èyí tó wà lọ́jà lọ́jọ́ tí wọ́n lọ rà ti iṣẹ́ ńlá sì fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún ẹnì kankan, síbẹ̀ ohun tó jáde kì í ṣe ohun tí ẹ rí.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí ìbéèrè yín dárúkọ. Èkíní, kí wọ́n gé aṣọ funfun àpẹẹrẹ láti ara irú èyí gan-an tí wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ ńlá, kí wọ́n sì so pélébé aṣọ funfun náà tí wọn ò tíì rẹ mọ́ ọn. Èkejì, kí wọ́n rẹ ẹ́ nínú omi aró tó pọ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ẹlòmíì bó bá ṣeé ṣe, kì í ṣe nínú bàsíà kékeré tí wọ́n pò nítorí tiyín nìkan. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n sọ iye ìgbà tí wọ́n rì í. Ìdáhùn yìí ló máa jẹ́ kí ẹ lè sọ lẹ́yìn náà pé, "Ìgbà mẹ́rin lẹ rì ti àpẹẹrẹ, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀mejì lẹ rì èyí?"

Yáàdì méjì tó. Kò yẹ kí ẹ máa retí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó máa yọ́ àbẹ́là, tó máa fi fóòmù tẹ ẹ́ sára aṣọ, tó máa rẹ ẹ́, tó tún máa fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là kúrò, ìgbésẹ̀ kan náà ló máa gbà lórí yáàdì méjì àti lórí ogún. Ẹ san owó rẹ̀, kódà bó bá wọ́n ju iye yáàdì kan lọ́jà lọ, kí ẹ sì jọ fẹnu kò pé bí ẹ bá ra 300 náà, ẹ máa yọ owó àpẹẹrẹ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó gba àpẹẹrẹ ọ̀fẹ́ kì í sábà lẹ́nu láti sọ pé kí wọ́n tún un ṣe.

Ìwé tí ẹ máa fi ránṣẹ́ kò gùn. Irú èyí tó:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe àpẹẹrẹ yáàdì méjì, àdìrẹ alábẹ́là búlúù dúdú, àrà tí a jọ yàn. Lára tẹ́ẹ́rú tí ẹ máa lò fún yáàdì 300 ni kẹ́ ẹ ti gé e, kẹ́ ẹ sì fi pélébé funfun rẹ̀ kún un. Kó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án. A máa fọ̀ ọ́, a máa sá a sí oòrùn, a sì máa fún yín lésì ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 28, kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye tí yáàdì kan máa jẹ́ bí a bá gbà á, àti ọjọ́ tí iye yẹn dúró dà. Ẹ ṣé, mà."

Gbólóhùn tó kàn iye owó yẹn ṣe pàtàkì. Tẹ́ẹ́rú àti aró kì í dúró sójú kan lọ́jà. Bí ẹ bá gba àpẹẹrẹ lónìí tí ẹ wá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aláró ò ṣẹ̀ yín bó bá ní owó ti yàtọ̀. Bó bá mọ̀ pé ọjọ́ 28 ni èsì ń bọ̀, á lè sọ pé, "Iye yìí dúró títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá," nítorí ó mọ ìgbà tí òun máa lọ ra ọjà. Ẹni tí ẹ ò dá ọjọ́ fún, á gba iṣẹ́ ẹlòmíì sórí tiyín ni, kò sì sí bí ẹ ṣe lè bínú.

Bí a ṣe ń mọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí nìyí: ẹ̀yìn la ti ń kà á bọ̀ síwájú. Ìgbéyàwó di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Télọ̀ tó ní aṣọ Kérésìmesì lọ́wọ́ nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí náà aṣọ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn ẹbí ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ láti yẹ gbogbo ìdì wò àti láti dá èyí tí kò dáa padà: kó kúrò lọ́wọ́ aláró ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá. Yáàdì 300 gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìsí ìkánjú, pàápàá ní oṣù Kẹwàá tí òjò ṣì máa ń rọ̀ l'Abẹ́òkúta, tí aṣọ kì í sì í tètè gbẹ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ni owó àsansílẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá sọ pé kí àpẹẹrẹ dé ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú owó, ó ti tó. Kò tó. Àyè àtúnṣe kò sí níbẹ̀. Bí búlúù bá fúyẹ́ jù, ohun méjì péré ló kù fún yín: kí ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ wá aláró mìíràn nínú ìpayà. Àpẹẹrẹ kejì gba ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó ṣe é tán, àyẹ̀wò rẹ̀ sì gba ọjọ́ mẹ́rin. Nítorí ìyẹn la fi ní kí àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, kí èsì jáde ní ọjọ́ 28, kí àtúnṣe dé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, kí èsì rẹ̀ sì jáde ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 9. Ọ̀la rẹ̀ lowó wọlé. Kí àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ lè dé ní ọjọ́ 21, ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ló yẹ kí ìwé òkè yẹn ti lọ, bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbéyàwó. Ẹni tí èyí bá jọ lójú bí àṣejù, kó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti pín aṣọ ẹbí rí.

Ní ọjọ́ tí àpẹẹrẹ bá dé, ẹ má tíì fọ ohunkóhun. Ẹ wò ó ní ojúmọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè máa ń mú kí búlúù dà bí ẹni pé ó ti fẹ́ di dúdú, ìyẹn ló fà á tí aṣọ tí a gbà lálẹ́ fi máa ń ṣeni ní kàyéfì láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Àdìrẹ tí wọ́n rì sínú aró, àwọ̀ rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn bá ràn bàìbàì, tí iwájú sì ń dán, tí àrà náà ń tún ara rẹ̀ ṣe láìyẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ẹ̀rọ ló tẹ ẹ́, kì í ṣe aláró. Àbẹ́là gidi máa ń sán nígbà tí wọ́n bá ká aṣọ sínú aró, aró á sì gba ibi tó sán wọlé bí iṣan tín-ín-rín tí kò bá ara wọn mu. Kò sí ẹ̀ka méjì tó jọra.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gé yáàdì méjì náà sí ìdajì-ìdajì yáàdì, ó di mẹ́rin. Ìdajì kan ò ní fojú kan omi láéláé: ẹ kọ ọjọ́ sí pélébé páálí, ẹ fi pín-ìnnì so ó mọ́ ọn, ẹ fi í sínú àpò bébà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí oòrùn ò dé. Ìdajì kejì máa padà sọ́dọ̀ aláró pẹ̀lú irú páálí kan náà, nígbà tí ẹ bá ti gbà á. Àwọn méjì yìí ni ẹlẹ́rìí yín. Ìdajì kẹta la máa fọ̀, ìkẹrin la máa sá sí oòrùn, a ó sì tún gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àwọn ìdánwò yòókù.

Fífọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ jù lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Búlúù tí àwọn aláró ń lò kì í yọ́ nínú omi lásán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po sódà àti haidirosọ́fáìtì mọ́ ọn: àwọn méjèèjì ló ń tú u títí á fi lè yọ́, kó sì wọ inú òwú lọ. Bí aṣọ bá jáde síta, afẹ́fẹ́ á sọ aró náà padà di èyí tí kì í yọ́, á sì há sínú òwú. Àwọn ìyá tó ń fi ẹlú àti omi eérú rẹ aṣọ mọ nǹkan kan náà láìsí kẹ́míkà kankan: aṣọ máa ń jáde nínú ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀ tó jọ ti ewé, á wá máa di búlúù lójú ẹni bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí i. Bí aláró bá kánjú, tó rì í léraléra láìfún un ní afẹ́fẹ́, tàbí tó da aró púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan kó lè tètè dú, tàbí tí haidirosọ́fáìtì rẹ̀ ti gba ìrì tí agbára rẹ̀ sì ti lọ, aró náà ò ní wọnú òwú. Orí òwú ló máa jókòó sí bí eruku. Aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń dú, ó sì máa ń wu ojú gan-an. Àmọ́ kò ní pẹ́ tí ẹ máa fi rí aró náà lára bùbá funfun tó fara kàn án.

Ẹ fi okùn funfun ya onígun mẹ́rin sí àárín ìdajì kẹta, ínṣì mẹ́wàá ní gígùn, ogún ní fífẹ̀. Ẹ má fi bírò yà á, á lọ nínú omi. Ẹ wá fọ̀ ọ́ ní omi tútù pẹ̀lú ọṣẹ tí àwọn ará ilé ń lò gan-an, kí ẹ fi àkísà funfun kékeré sínú bàsíà pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹ tó da omi nù, ẹ bu ife kan nínú rẹ̀ pamọ́ sínú ife tó mọ́lẹ̀ kedere, ẹ kọ "1" sí i lára. Ẹ sá aṣọ náà síbòji. Ní ọ̀la ẹ tún un fọ̀, ife kejì. Ní ọ̀túnla, ife kẹta. Ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú fèrèsé pẹ̀lú bébà funfun lẹ́yìn wọn.

Bí ife àkọ́kọ́ bá jẹ́ búlúù, tí ìkejì fúyẹ́, tí ìkẹta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bí omi, aró ti mú aṣọ. Wọn ò kàn ṣàn án tó ni. Ẹ ní kí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ti iṣẹ́ ńlá, kí wọ́n sì ṣàn án títí omi á fi mọ́. Ṣùgbọ́n bí ife kẹta bá rí bí àkọ́kọ́, tàbí tí àkísà funfun ti di búlúù tí kò sì fọ̀ kúrò, aró ò mú. Ẹ má gbà á, kódà bí wọ́n bá ní kí ẹ fi iyọ̀ tàbí fínígà rẹ ẹ́. Iyọ̀ àti fínígà ò lè ti irú aró yìí wọnú òwú lẹ́yìn tó ti gbẹ sórí rẹ̀.

Bí ìdajì kẹta bá ti gbẹ lẹ́yìn ìfọ̀ kẹta, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ, kí ẹ fi téèpù wọn okùn funfun. Bí ínṣì mẹ́wàá ti gígùn bá ti di mẹ́sàn-án àti ààbọ̀, aṣọ náà ti fi ìdá kan nínú ogún súnkì. Ẹ ṣe é sí yáàdì márùn-ún, tó jẹ́ 180 ínṣì: ínṣì mẹ́sàn-án ló lọ. Ẹni tó fẹ́ rán agbádá á mọ ọ́n lára. Ìgbà yìí gan-an ló yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ aláró bóyá yáàdì márùn-ún tó ń pè é yẹn, ṣáájú kó tó rẹ ẹ́ ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Omi gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ àbẹ́là máa ń mú aṣọ súnkì, nítorí náà tẹ́ẹ́rú tí wọ́n gé ní yáàdì márùn-ún geerege lè má pé márùn-ún mọ́ nígbà tó bá dọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ ni "yáàdì márùn-ún lẹ́yìn rírẹ." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ti gba ọ̀pọ̀ ẹbí lọ́wọ́ ìjà télọ̀.

Áyọ́ọ̀nù yẹn tún ní iṣẹ́ kan sí i. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn méjì, ọ̀kan sábẹ́ aṣọ, ọ̀kan sórí rẹ̀, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Bí ìwé bá lámì bí ẹni pé òróró kán sí i, àbẹ́là ṣì wà nínú aṣọ. Aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń le níbi tí àrà wà, télọ̀ á sì rò pé sítáàṣì ni.

Àwọn tó kù kì í pẹ́. Fún fífi ọwọ́ pa á, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun gbígbẹ wé ìka, kí ẹ pa aṣọ tẹ́ ẹ ò tíì fọ̀ níbi kan náà ní ìgbà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi rin apá ibòmíì lára áńkáṣíìfù náà, kí ẹ pa ibòmíì lára aṣọ náà ní ìgbà mẹ́wàá. Búlúù díẹ̀ lára áńkáṣíìfù tútù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, búlúù dúdú kò sí èyí tí kì í ta díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbígbẹ pàápàá bá yí i, àga funfun inú gbọ̀ngàn máa jẹ́rìí. Fún òógùn, ẹ rin pélébé aṣọ náà pẹ̀lú omi iyọ̀ díẹ̀, ẹ ká a mọ́ aṣọ funfun, ẹ fi nǹkan wúwo lé e di àárọ̀. Abẹ́ apá àti ọrùn lẹ ń dán wò yẹn. Fún oòrùn, ẹ fi páálí bo ìdajì pélébé kan, ẹ sá a sójú oòrùn fún ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ wá ṣí páálí náà. Bí ààlà bá hàn gedegbe láàárín méjèèjì, á ṣá. Bí aṣọ bá sì ń jẹ ara yín tàbí tó ń rùn bíi kẹ́míkà lẹ́yìn ìfọ̀ kan, sódà tàbí haidirosọ́fáìtì ṣì wà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀pọ̀ lára ẹbí bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ rántí pé ẹ̀rọ ni wọ́n máa fi fọ̀ ọ́, nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi ọ̀kan lára ìfọ̀ mẹ́ta náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èyí wọ inú ọjọ́ méje láìsí pé ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ajé tó dé: ẹ wò ó, ẹ gé e, ẹ fi áńkáṣíìfù pa á, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé ti oòrùn síta. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú: ìfọ̀ kejì àti ìkẹta, kí ẹ ká ti òógùn mọ́lẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀: téèpù àti áyọ́ọ̀nù. Ọjọ́ Ẹtì: ẹ fún télọ̀ ní pélébé kó fi ẹ̀rọ rán an, kó sọ bóyá abẹ́rẹ́ ń fa òwú. Àbámẹ́ta: ẹ ṣí páálí oòrùn. Ọjọ́ Àìkú ni kí àwọn tó ń pinnu jókòó. Kí wọ́n má ju mẹ́ta lọ, kí ẹnì kan sì ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ẹ bá gbé àpẹẹrẹ sí Wásáàpù ẹbí fún èèyàn 58 láti dá sí i, ọjọ́ 28 á kọjá lórí wọn.

Èsì yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta, ní kíkọ: a gbà á, a gbà á bí ẹ bá tún nǹkan báyìí ṣe, a ò gbà á. "Ó dáa, àmọ́..." kì í ṣe èsì. Bó bá jẹ́ àtúnṣe, ẹ sọ ohun tí ojú rí, ẹ má sọ bí inú yín ṣe rí. "Ife kẹta ṣì jẹ́ búlúù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ láàárín ìrìbọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ níkẹyìn." Aláró mọ ohun tó máa ṣe sí ìyẹn. "Kò wù wá tó" ò ní yọrí sí ohunkóhun. Bí ẹ ò bá sì gbà á rárá, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ dá, kí ìyá náà lè ta tẹ́ẹ́rú rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ohun kan wà tí àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ò lè yanjú: yáàdì 300 ò lè dú bákan náà látòkèdélẹ̀. Ọwọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí dírọ́ọ̀mù kan bá ń gba ìdì mẹ́wàá, omi aró mẹ́fà ló máa rẹ ìdì 60, mẹ́fà náà ò sì ní jọ ara wọn bí ìbejì. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń gba àpẹẹrẹ, ẹ bẹ ìyá náà kó fi pélébé méjì kún un, ọ̀kan tó fúyẹ́ díẹ̀ ju èyí tí ẹ fẹ́, ọ̀kan tó dú jù ú díẹ̀. Ẹ jọ fẹnu kò pé ohunkóhun tó bá bọ́ sáàárín méjèèjì, ẹ gbà á. Ohun tó bá kọjá wọn, ó máa padà. Kí ó sì kọ nọ́ńbà omi aró sí ìdì kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 6, kí ọkọ àti ìyàwó rẹ̀ lè gba ìdì méjì láti inú omi kan náà, kí ẹni tó ń rán yáàdì mẹ́wàá má sì wọ apá tó dú ju àyà lọ.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá tí àwọn ìdì bá dé, ẹ gbé ìdajì yáàdì tí ẹ tọ́jú jáde. Ẹ ṣí etí gbogbo ìdì 60 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ojúmọmọ, kò ní gbà yín ju wákàtí kan lọ. Ẹ fi téèpù wọn ìdì mẹ́jọ tí ẹ fi ọwọ́ mú láìṣà. Ẹ mú ìdì kan láti inú omi aró kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà péré, kí ẹ fi áńkáṣíìfù tútù pa wọ́n. Ká ní ti omi 4 yí áńkáṣíìfù ju bí ti àpẹẹrẹ ṣe yí i lọ: ìdì mẹ́wàá omi 4 nìkan ló ń padà sí Ìtòkú, pẹ̀lú áńkáṣíìfù náà nínú àpò, 50 tó kù sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ìyá náà ní ọjọ́ 8, ó ní títí di ọjọ́ 13 láti tún wọn fọ̀ nínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, tàbí láti fi ìdì tuntun rọ́pò wọn.